Kọ́kọ́rọ́ Mọ́kànlá Nínú Agolo Mílíìkì

Ní oṣù Kejì ọdún, nígbà tí ọyẹ́ ti kásẹ̀ nílẹ̀ tí oòrùn Òkè Ògùn sì ti ń ta koko, Ìyá tó jẹ́ akápò ìgbìmọ̀ omi ní abúlé kan pè mí lórí fóònù. Wọn ò kí mi pẹ́ bí wọ́n ṣe máa ń kí mi. "Ọmọ mi, omi yín ò wá mọ́ o." "Omi yín" yẹn ló gún mi lọ́kàn. Oṣù mẹ́rin ṣáájú, ní oṣù Kẹwàá, a ti fi ìlù àti ijó ṣí omi ọ̀hún, a ti gé rìbọ́ọ̀nù, a ti ya fọ́tò. Èmi fúnra mi ni mo kọ ìwé ìjábọ̀ ìparí iṣẹ́ olójú-ewé 46 tó sọ pé iṣẹ́ ti tán, pé a sì ti fa gbogbo rẹ̀ lé ará ìlú lọ́wọ́. Síbẹ̀, lẹ́nu akápò tí a fà á lé lọ́wọ́, omi wa ni.

Nígbà tí mo débẹ̀, Ìyá gbé agolo mílíìkì kan jáde lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Kọ́kọ́rọ́ mọ́kànlá ló wà nínú rẹ̀, kò sì sí èyí tó ní àmì lára. Ọ̀dọ́mọkùnrin tí ìlú yàn láti máa tọ́jú ẹ̀rọ bẹ̀rẹ̀ sí í tì wọ́n bọ àgádágodo ilé ẹ̀rọ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ìkẹsàn-án ló ṣí i. Lára ògiri inú ilé náà ni àpótí kékeré kan wà tó ń darí iná sólà lọ sí pọ́ǹpù. Nígbà tí a ṣí àpótí náà, mo rí wáyà bíńtín kan tí ẹnì kan ti bó, tó sì fi so ojú méjì pọ̀. Mo bi í pé ta ló so ó.

"Èmi ni, ọ̀gá. Iná pupa kan ló máa ń tàn níbí. Tó bá ti tàn, ẹ̀rọ á dúró. Mo wá rí i pé tí mo bá ti so méjèèjì yìí pọ̀, iná á kú, ẹ̀rọ á sì máa ṣiṣẹ́ lọ."

Ọmọ náà kò purọ́, kò sì ya ọ̀lẹ. Iná pupa yẹn ni ẹ̀rọ fi ń kígbe pé omi inú kànga ti lọ sílẹ̀ dé ibi tí pọ́ǹpù so rọ̀ sí, pé kí a jẹ́ kí kànga sinmi díẹ̀ kí omi tún jọ. Omi tó ń gba ara pọ́ǹpù abẹ́ omi kọjá ló ń mú un tutù. Bí ó bá ń yí nígbà tí kò sí omi, yóò gbóná títí yóò fi jóná. Wọ́n ní fún ọjọ́ mẹ́ta, omi ẹnu tápù ń wú bí ẹni ń húkọ́, ó ń tu afẹ́fẹ́ jáde pẹ̀lú omi. Ní ọjọ́ kẹrin, kò sí ohun tó jáde mọ́. Pọ́ǹpù ti kú.

Kò sẹ́ni tó sọ ìtumọ̀ iná pupa fún un. Ìwé pẹlẹbẹ tó bá ẹ̀rọ náà wá wà nínú kọ́bọ́ọ̀dù ní ọ́fíìsì mi, ní ìlú mìíràn. Mo ní ìjábọ̀ olójú-ewé 46 náà nínú àpò lọ́jọ́ yẹn, mo sì jókòó sábẹ́ igi máńgòrò, mo ń ṣí i láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Mo rí fọ́tò kábíyèsí, mo rí iye owó tí a ná, mo rí ọ̀rọ̀ ìdúpẹ́. Nípa pọ́ǹpù, gbólóhùn kan péré ni mo kọ: "Pọ́ǹpù sólà kan, ó ń ṣiṣẹ́ dáadáa."

Láti ọjọ́ náà ni mo ti mọ̀ pé mi ò mọ ẹni tí mò ń kọ ìwé ìparí iṣẹ́ sí.

Ẹni mẹ́ta ló máa ń nílò irú ìwé bẹ́ẹ̀. Àkọ́kọ́ ni ẹni tó fi owó sílẹ̀, tó fẹ́ mọ̀ bóyá ohun tí a ṣèlérí ni a ṣe àti bí a ṣe ná owó rẹ̀. Èkejì ni ẹni tí yóò ṣe irú iṣẹ́ yẹn lọ́dún tó ń bọ̀, bóyá ní abúlé mìíràn, tó fẹ́ mọ ibi tí a ti kọsẹ̀ kí òun má baà kọsẹ̀ níbẹ̀. Ẹ̀kẹta ni ẹni tó kù sẹ́yìn pẹ̀lú ẹ̀rọ náà nígbà tí ọkọ̀ wa bá ti kúrò. Ẹni àkọ́kọ́ nìkan ni ọ̀pọ̀ wa ń kọ̀wé sí, nítorí òun ló lè bínú sí wa. Ṣùgbọ́n tí ìwé bá fi ẹni kẹta sílẹ̀, irọ́ ni ohun tí a sọ fún ẹni àkọ́kọ́, bó tilẹ̀ jẹ́ pé gbogbo iye owó inú rẹ̀ péye. A ní omi wà, omi ò sì sí.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ti ohun-ìní tí a fà lé wọn lọ́wọ́, nítorí òun ló yára fọ́. Nígbà tí a pọ́ǹpù yẹn jáde, mo wá ẹni tó gbẹ́ kànga rí, mo sì gba ìwé tó kọ lọ́jọ́ tó ń gbẹ́ ẹ. Ojú ewé kan péré ni, eruku ti bò ó nínú ọkọ̀ rẹ̀, ṣùgbọ́n gbogbo ohun tí mo nílò ló wà níbẹ̀. Kànga jìn ní mítà 62. Ní oṣù Kẹsàn-án tí wọ́n dán an wò, omi wà ní mítà 8.6 sí ojú ilẹ̀ nígbà tí ẹnikẹ́ni kò tíì fà á. Nígbà tí wọ́n ń fa lítà kan jáde ní ìṣẹ́jú àáyá kọ̀ọ̀kan, omi wálẹ̀ dé mítà 27, ó sì dúró síbẹ̀. Mítà 33 ni wọ́n so pọ́ǹpù rọ̀ sí. Ẹni tó bá ṣe ìṣirò yóò rí i pé mítà 6 ni omi tó kù lórí pọ́ǹpù nígbà tó ń ṣiṣẹ́, èyí sì dàbí ohun tó tó.

A wá ju okùn ìwọ̀n sínú kànga ní oṣù Kejì. Omi tó wà ní mítà 8.6 lásìkò òjò ti lọ sí mítà 15.1. Bí fífà bá tún mú un wálẹ̀ ní mítà 18.4 gẹ́gẹ́ bíi ti tẹ́lẹ̀, yóò dé mítà 33.5. Pọ́ǹpù sì wà ní 33. Kò sí àṣìṣe kankan nínú ìwé ẹni tó gbẹ́ kànga. Ìgbà òjò ni ó wọn omi, ìgbà òjò ni a ra pọ́ǹpù, ìgbà òjò ni a ṣí i, a sì fi ẹ̀ẹ̀rùn sílẹ̀ fún ará abúlé láti dá yanjú.

Ká ní ojú ewé kan yẹn wà lára ìwé tí a fà sílẹ̀, ẹnjiníà èyíkéyìí tó bá kà á ní oṣù Kẹwàá ì bá béèrè pé, "Ẹ̀ẹ̀rùn ńkọ́?" Ohun tí mo fi ń sọ èyí ni pé àkọsílẹ̀ ohun-ìní kì í ṣe kíka ẹrù bí ẹni ń ka ìjókòó níbi ìnáwó. Ohun kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ ní ìtàn tó tó kí àjèjì lè tún un ṣe. Bí mo ṣe wá tún ti pọ́ǹpù kọ lẹ́yìn náà rèé:

"Pọ́ǹpù abẹ́ omi kan. Orúkọ ilé iṣẹ́ tó ṣe é àti nọ́ńbà tí wọ́n tẹ̀ sí i lára wà nínú fọ́tò kejì. Ó so rọ̀ ní mítà 45 nínú kànga tó jìn ní mítà 62, lórí páìpù àti okùn tí kì í dípẹtà. Wáyà tó ń mọ̀ bí omi bá ti lọ sílẹ̀ wà ní mítà 44. Ní oṣù Karùn-ún tí a fi í sí i, ó ń fa lítà kan ní ìṣẹ́jú àáyá kan, ìyẹn kẹ́ẹ̀gì onílítà 25 bíi 144 ní wákàtí kan nígbà tí oòrùn bá mú. Bí omi bá kéré sí bẹ́ẹ̀ lábẹ́ oòrùn kan náà, nǹkan ti ń ṣe é. Ìwé ẹ̀rí pé ẹni tó tà á yóò tún un ṣe lọ́fẹ̀ẹ́ wà nínú fáìlì, ọjọ́ tí yóò parí sì wà lára rẹ̀. Kọ́kọ́rọ́ olówùú pupa ló ń ṣí ilé rẹ̀. Ìgbìmọ̀ omi ló ni ín. Owó omi ni wọn yóò fi tún un ṣe. Bí owó náà kò bá tó, ẹ̀ka omi ní káńsù ni kí wọ́n kọ̀wé sí."

Ẹ wo gbólóhùn tó sọ iye kẹ́ẹ̀gì tó yẹ kí ó máa jáde ní wákàtí kan. Mo rò pé òun ló wúlò jù nínú gbogbo rẹ̀. Ẹni tí kò mọ bí ara ẹ̀rọ ṣe rí nígbà tó le kò lè mọ ìgbà tí àìsàn bẹ̀rẹ̀. Ọmọ tó ń tọ́jú ẹ̀rọ yẹn lè gbé kẹ́ẹ̀gì sábẹ́ páìpù tó ń tú omi sí táǹkì, kó wo aago fóònù rẹ̀. Bí kẹ́ẹ̀gì bá kún láàárín ìṣẹ́jú àáyá 25, ara pọ́ǹpù dá. Bí ó bá di 40, kó pe ẹnì kan kó tó di pé omi dá.

Gbólóhùn tó kẹ́yìn nípa owó náà ní ẹ̀yìn. Lóṣù kan, wọ́n ń ta bíi kẹ́ẹ̀gì 150 lóòjọ́ ní náírà 20, èyí jẹ́ náírà 90,000 lóṣù. Wọ́n ń fún ẹni tó ń tà á ní 25,000, ó ku 65,000. Lóṣù mẹ́rin, 260,000 ló wà lọ́wọ́ Ìyá, wọ́n sì kọ gbogbo rẹ̀ sínú ìwé dáadáa. Owó yẹn kò ra pọ́ǹpù tuntun. Kò sí ìjábọ̀ tó lè sọ 260,000 di ìlọ́po mẹ́ta. Ohun tí ìjábọ̀ lè ṣe ni pé kó sọ ọ́ jáde gbangba lọ́jọ́ ìfàlélọ́wọ́ pé, fún ọdún kìíní, owó omi lè tó fún tápù àti wáyà, kò lè tó fún pọ́ǹpù, kí ẹnì kan sì fọwọ́ sí i pé òun ni yóò ru ẹrù náà. A kò sọ ọ́. Gbogbo wa la rò pé ẹlòmíràn ni.

Ilẹ̀ náà tún wà níbẹ̀. Ẹbí kan ló fi ilẹ̀ tí kànga wà sílẹ̀, pẹ̀lú ọ̀rọ̀ ẹnu, níwájú baálẹ̀. Ọ̀rọ̀ àgbàlagbà ni, a sì gbà á. Ṣùgbọ́n àgbàlagbà kì í wà títí láé, ọmọ tó wà ní ìlú òkèèrè sì lè dé lọ́jọ́ kan kó ní kí wọ́n gbé táǹkì kúrò lórí ilẹ̀ bàbá òun. Ìwé ìyọ̀ǹda ilẹ̀, pẹ̀lú ìwọ̀n rẹ̀ ní ẹsẹ̀ bàtà àti ọwọ́ olórí ẹbí, jẹ́ ohun-ìní tó yẹ kó wà nínú àkọsílẹ̀ bíi ti pọ́ǹpù gan-an. Ọjọ́ tí iṣẹ́ ń lọ lọ́wọ́, tí inú gbogbo ènìyàn ń dùn, ni ó rọrùn jù láti gbà á.

Báwo ni ènìyàn ṣe ń rí gbogbo ìwé wọ̀nyí kó jọ? Bí ó bá dúró di ọ̀sẹ̀ tó kẹ́yìn, kò ní rí i. Ẹni tó gbẹ́ kànga ti lọ gbẹ́ òmíràn, ẹni tó ra sólà ti gba iṣẹ́ níbòmíràn, rìsíìtì ti sọnù. Nísinsin yìí, oṣù mẹ́ta kí iṣẹ́ tó parí ni mo máa ń ṣí fáìlì ìfàlélọ́wọ́. Mo sì kọ́ ohun kan tí ó ṣiṣẹ́ ju gbogbo ẹ̀bẹ̀ lọ: nínú àdéhùn pẹ̀lú kọngílá, mo máa ń kọ ọ́ pé owó ìkẹyìn kò ní jáde àfi tí ìwé kànga, àwòrán bí a ṣe kọ́ ọ gan-an, àti ìwé ẹ̀rí ọjà bá ti dé ọwọ́ mi. Àwòrán tí mo ń sọ kì í ṣe èyí tí a yà kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀. Bí àpáta bá mú kí wọ́n yí páìpù gba ẹ̀yìn ilé ìwé dípò iwájú ṣọ́ọ̀ṣì, ẹ̀yìn ilé ìwé ló gbọ́dọ̀ wà nínú àwòrán, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ẹni tó bá ń wá ibi tí omi ti ń jò yóò gbẹ́ ilẹ̀ ṣọ́ọ̀ṣì títí.

Ohun tí kò parí ńkọ́? Kò sí iṣẹ́ tí ohun gbogbo rẹ̀ máa ń parí. Ní abúlé yẹn, tápù kan ń jò, ẹsẹ̀ irin kan lábẹ́ táǹkì sì ti ní ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ nínú kọnkéré rẹ̀. Mo mọ̀ nípa méjèèjì lọ́jọ́ tí mo kọ "iṣẹ́ parí." Mi ò kọ wọ́n nítorí mo bẹ̀rù pé wọ́n á ní mi ò ṣe iṣẹ́ mi. Ìwà àìda gbáà ni, mo sì kábàámọ̀ rẹ̀. Ohun tó yẹ ni kí n kọ wọ́n sí ojú ewé kan, kí n kọ orúkọ ẹni tí yóò tún wọn ṣe síwájú ọ̀kọ̀ọ̀kan, àti ọjọ́ tí yóò tún un ṣe dà. Oṣù mélòó kan máa ń wà lẹ́yìn iṣẹ́ tí kọngílá ṣì fi jẹ wá ní gbèsè àtúnṣe, owó rẹ̀ díẹ̀ sì máa ń wà lọ́wọ́ wa lásìkò náà. Àléébù tí a kò bá kọ sílẹ̀ kí àsìkò náà tó kọjá, ará abúlé ló jogún rẹ̀.

Lẹ́yìn ìwé ni ìdánwò, òun ni mo sì fi ń mọ̀ bóyá ìfàlélọ́wọ́ ti ṣẹlẹ̀ lóòótọ́. Fún ọ̀sẹ̀ méjì gbáko, ẹni tí yóò máa tọ́jú ẹ̀rọ ni yóò máa ṣí i, tí yóò máa tì í, tí yóò máa nu gíláàsì sólà, tí yóò máa kọ iye omi sínú ìwé. Àwa á wà ní ìtòsí, ṣùgbọ́n a ó ká ọwọ́ sẹ́yìn. Lọ́jọ́ kan láàárín ọ̀sẹ̀ méjì náà, a ó mọ̀ọ́mọ̀ fa wáyà tó ń mọ omi kúrò nínú omi, kí iná pupa tàn. Bí ó bá wo ìwé ara ògiri tó sì ṣe ohun tó wà níbẹ̀, a lè fọwọ́ sí i. Bí ó bá pè mí lórí fóònù, a kò tíì fà á lé e lọ́wọ́, a kàn gbé e síbẹ̀ ni.

Ìwé ara ògiri yẹn, Yorùbá ni mo ń kọ ọ́ báyìí. Gbogbo ojú ewé 46 àkọ́kọ́ ni mo fi Gẹ̀ẹ́sì kọ, nítorí Gẹ̀ẹ́sì ni olówó ń kà. Ìyá akápò ń ka Bíbélì Yorùbá lójoojúmọ́, ọmọ tó ń tọ́jú ẹ̀rọ ń ka Yorùbá bí omi. Kò sí ìdí kankan tí iná pupa fi ní láti jẹ́ àdììtú fún wọn. Ojú ewé mẹ́ta tàbí mẹ́rin ni ohun tí wọ́n nílò, tí a bá sì ti fi nàìlọ́ọ̀nù lẹ̀ ẹ́ kí omi má baà bà á jẹ́, owó rẹ̀ kò tó nǹkan.

Mo wá dé orí ẹ̀kọ́ tí a rí kọ́. Ẹ̀kọ́ ni apá tó máa ń ṣòfò jù nínú ìjábọ̀, nítorí wọ́n máa ń kọ ọ́ bí ẹni ń gbàdúrà. Nínú tèmi àkọ́kọ́, mo kọ pé, "Ó yẹ kí ìbáṣepọ̀ pẹ̀lú ará ìlú túbọ̀ dán mọ́rán sí i." Ta ni yóò ka èyí tí yóò yí ohun tó ń ṣe padà? Mo lè kọ ọ́ sórí iṣẹ́ omi, sórí iṣẹ́ ọ̀nà, sórí ìgbéyàwó pàápàá.

Ẹ̀kọ́ tó wúlò máa ń sọ ohun tó ṣẹlẹ̀, ohun tó fà á, bí a ṣe mọ̀, ohun tí a ó yí padà, àti ìwé tàbí àṣà tí ìyípadà náà yóò wọ̀. Bí mo ṣe tún ti kànga yẹn kọ rèé: "A dán kànga wò ní oṣù Kẹsàn-án, a sì so pọ́ǹpù ní mítà 33. Ní oṣù Kejì, omi ti fi mítà 6.5 wálẹ̀ sí i, pọ́ǹpù sì jóná. A fi okùn ìwọ̀n wọ̀n ọ́n. Láti ìsinsin yìí, bí a bá dán kànga wò lásìkò òjò, a ó tún omi rẹ̀ wọ̀n ní oṣù Kẹta kí a tó gbà pé iṣẹ́ parí, àdéhùn ẹni tó ń gbẹ́ kànga ni a ó sì kọ èyí sí. Kí a tó rẹ pọ́ǹpù sísàlẹ̀, a gbọ́dọ̀ rí i pé agbára rẹ̀ ṣì tó láti gbé omi dé orí táǹkì, nítorí bí omi inú kànga ṣe ń lọ sílẹ̀ sí i ni omi tó ń gbé jáde ń dín kù."

Mo fi gbólóhùn kan kún un, ẹnjiníà àgbà kan tí mo bọ̀wọ̀ fún ló ní kí n kọ ọ́: "Mítà 6.5 yìí, ti kànga yìí nìkan ni, lọ́dún yìí nìkan." Abẹ́ ilẹ̀ apá ibẹ̀ jẹ́ àpáta líle, inú ibi tí àpáta ti sán ni omi ń gbà. Kànga méjì lè wà nínú ọgbà kan náà kí ọ̀kan máa tú yàà kí èkejì má ní nǹkan kan. Ẹni tó bá sọ ohun tó rí níbì kan di òfin fún gbogbo ibi yóò ṣi àwọn tó ń bọ̀ lẹ́yìn lọ́nà. Ẹ̀kọ́ gbọ́dọ̀ sọ ibi tí agbára rẹ̀ mọ.

Láti rí òótọ́ tí a ó kọ, ó ní bí a ṣe ń jókòó. Nígbà tí mo kọ́kọ́ pe àwọn òṣìṣẹ́ wa jọ lẹ́yìn ìṣẹ̀lẹ̀ yẹn, mo béèrè pé ta ló gbàgbé ìwé kànga. Gbogbo wọn dákẹ́, olúkúlùkù ń wo ilẹ̀. Mo yí ìbéèrè padà: "Kí la rò pé yóò ṣẹlẹ̀ ní oṣù Kejì? Kí ló wá ṣẹlẹ̀?" Akọ̀wé wa, obìnrin tí kì í sábà sọ̀rọ̀, wá ní òun gba ìwé náà lórí fóònù láti ọwọ́ ẹni tó gbẹ́ kànga, òun sì fi ránṣẹ́ sí mi. Ó wà nínú fóònù mi. Láti oṣù Kẹsàn-án ló ti wà níbẹ̀. Mi ò ṣí i rí.

Mo kọ èyí náà sínú ìjábọ̀. Bí ọ̀gá tó ń darí iṣẹ́ kò bá kọ àṣìṣe tirẹ̀, kò sí ọmọ iṣẹ́ tí yóò sọ tirẹ̀, ẹ̀kọ́ á sì di àkójọ ẹ̀bi kọngílá.

Ibi tí ẹ̀kọ́ ń gbé tún ṣe pàtàkì. Ilé iṣẹ́ NASA tó ń rán ọkọ̀ lọ sí ojú ọ̀run ní Amẹ́ríkà ní ibi ìkẹ́kọ̀ọ́sí ńlá kan lórí kọ̀ǹpútà tí wọ́n ń kó irú ẹ̀kọ́ bẹ́ẹ̀ sí. Ní ọdún 2012, ọ̀gá àwọn olùyẹ̀wò ilé iṣẹ́ náà jábọ̀ pé àwọn tó ń darí iṣẹ́ kì í fi bẹ́ẹ̀ lò ó. Bí ó bá rí bẹ́ẹ̀ lọ́dọ̀ àwọn yẹn, ẹ̀kọ́ tí èmi tì sínú fáìlì ní ọ́fíìsì kékeré kò ní rìn jìnnà. Nítorí náà ni mo ṣe ń fi í sínú ohun tí ẹni tó ń bọ̀ kò lè yẹ̀ sílẹ̀. Ìlà kan ti wọ inú fọ́ọ̀mù tí a fi ń gba kànga lọ́wọ́ kọngílá báyìí: ìwọ̀n omi ní oṣù Kẹta. Ẹni tí kò bá kọ ọ́ síbẹ̀, akáǹtì kò ní san owó. Ẹni náà lè má mọ abúlé tí ọ̀rọ̀ náà ti wá, ṣùgbọ́n yóò wọn omi.

Ní abúlé náà, pọ́ǹpù tuntun wọ inú kànga ní oṣù Karùn-ún, ní mítà 45. A tún ìfàlélọ́wọ́ ṣe láti ìbẹ̀rẹ̀. Ìyá fi òwú aláràbarà so kọ́kọ́rọ́ mọ́kọ̀ọ̀kànlá, mẹ́rin nínú wọn kò ṣí ohunkóhun, a sì jù wọ́n nù. Ìgbìmọ̀ omi fọwọ́ sí ohun kọ̀ọ̀kan níwájú òṣìṣẹ́ káńsù, ẹ̀dà kan wà lọ́wọ́ wọn, ọ̀kan wà ní káńsù, ọ̀kan wà lọ́dọ̀ wa.

Ní oṣù Kẹta ọdún tó tẹ̀ lé e, mo lọ kí wọn, mo sì ṣí ìwé tí ọmọ náà fi ń kọ iye omi. Ní ọ̀sẹ̀ kẹta oṣù náà, ó kọ ọ́ pé iná pupa tàn ní agogo méjì ọ̀sán. Ó jẹ́ kí kànga sinmi, ó sì yí ìdérí páìpù dé ìdajì kí omi máa rọra jáde. Láti ọjọ́ náà, iná kò tàn mọ́. Kò pe mí.